Báwo ni mo ṣe lè kọ àbẹ̀wò sáìtì sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè lò ó? (Irin dẹ́kìnì kí wọ́n tó da kọnkéré)

Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹnjiníà ìkọ́lé. Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni pé kí n máa lọ wo irin dẹ́kìnì kí wọ́n tó da kọnkéré lé e, kí n wọn ohun tí mo bá rí, kí n ya fótò, kí n sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo fi àkọsílẹ̀ mi han ọ̀gá mi lónìí, ó kà á tán, ó dá a padà fún mi, ó ní òun kò rí ìbéèrè kankan tí ìwé náà lè dáhùn. Ìpàdé ló ń lọ, nítorí náà kò ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo kọ nìyí, mi ò yí ọ̀rọ̀ kankan padà nínú rẹ̀:

"05/06. Àárọ̀. Mo wo irin dẹ́kìnì lápá ọ̀tún. Irin onímílímítà 12. Láti irin àkọ́kọ́ dé irin kọkànlá jẹ́ 2080. Irin dára, ó mọ́. Bísíkíìtì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ya fótò."

Pílánì ní kí irin kọ̀ọ̀kan fi mílímítà 200 jìnnà sí èkejì rẹ̀. Fótò tí mo yà pọ̀ lórí foonu mi, wọ́n sì mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo tún lè dé ibẹ̀ ní kùtùkùtù ọ̀la, nítorí pé ọ̀túnla ni wọ́n fẹ́ da kọnkéré. Kí ni kí n fi kún un, kí sì ni kí n yọ kúrò?

Ìwé Ìléèwé

Má jẹ́ kó dà ọ́ láàmú. Ìwé àkọsílẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá fún ọ ní àyè fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, o kò sì gbọ́dọ̀ kọ ju ohun tí àyè náà gbà lọ. Kọ ohun tí o ṣe lọ́jọ́ náà àti ohun tí o kọ́ níbẹ̀, kí o sì ya àwòrán kékeré kan sí ojú ìwé kejì ní ìparí ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn náà kí ọ̀gá rẹ fọwọ́ sí i. Àwọn olùkọ́ tó máa ń wá yẹ̀ ọ́ wò kò ní ka ìwọ̀n irin lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́

Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ ni mo ń bi nípa rẹ̀. Èyí tó máa wà nínú fáìlì iṣẹ́ náà ni, tí ọ̀gá mi fẹ́ máa lò láti fi mọ̀ bóyá òun lè fọwọ́ sí i kí wọ́n da kọnkéré.

Teépù Gígùn

Àbúrò, àkọsílẹ̀ rẹ kò burú tó bí ọ̀gá rẹ ṣe sọ ọ́. Ohun tó kù ni pé o kò ṣe ìṣirò rẹ̀ parí. Irin mọ́kànlá ni o kà, 2080 ni o rí. Bí o bá pín 2080 sí 11, mílímítà 189 ni yóò fún ọ. Pílánì ní 200, irin tiyín sì súnmọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé irin tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tí wọ́n béèrè lọ, kò sì sí wàhálà kankan. Kọ ìṣirò yẹn sábẹ́ rẹ̀, kí o sì rí i dájú pé teépù hàn nínú fótò, nítorí fótò irin tí kò ní teépù nínú kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bí o bá ti ṣe èyí, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹnjiníà Òpómúléró

Teépù Gígùn, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nípa teépù inú fótò, ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì léwu, nítorí pé ó sọ iṣẹ́ tó yẹ ká bèèrè nípa rẹ̀ di iṣẹ́ tó dára. Àlàfo ni a ń wọn, kì í ṣe irin. Bí irin mọ́kànlá bá tò sílẹ̀, àlàfo mẹ́wàá ló wà láàárín wọn. 2080 tí a pín sí 10 jẹ́ 208, kì í ṣe 189. Irin náà jìnnà síra ju ohun tí pílánì sọ lọ.

Àbúrò mi, kí o tó gba 208 yẹn pàápàá gbọ́, ìbéèrè méjì wà tí ìwé rẹ kò dáhùn. Àkọ́kọ́, ibo lára irin ni o ti bẹ̀rẹ̀, ibo ni o sì parí sí? Bí o bá wọn láti etí òsì irin kìíní dé etí òsì irin kọkànlá, ó dára, ìwọ̀n àárín sí àárín ni o ní yẹn. Ṣùgbọ́n bí o bá wọn láti etí òsì irin kìíní dé etí ọ̀tún irin kọkànlá, o ti fi nínípọn irin kan kún un, ìyẹn mílímítà 12. Èkejì, orí òdo teépù ni o ti bẹ̀rẹ̀, àbí o bẹ̀rẹ̀ láti 100 bí àwọn ẹlòmíràn ti máa ń ṣe nígbà tí ìkọ́ ẹnu teépù bá ti tẹ̀? Bí o bá bẹ̀rẹ̀ láti 100 tí o sì ka 2080 ní ìparí láìyọ 100 yẹn kúrò, 1980 ni ìwọ̀n rẹ gangan, àlàfo kọ̀ọ̀kan sì di 198, èyí tó bá pílánì mu. Wò ó bí nọ́ńbà kan ṣoṣo ṣe lè jẹ́ iṣẹ́ tó dára, tó sì tún lè jẹ́ iṣẹ́ tó kùnà, nítorí pé ẹni tó kọ ọ́ kò sọ bí òun ṣe wọ̀n ọ́n. Mo rò pé ohun tí ọ̀gá rẹ ń sọ nìyẹn.

Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, Àǹtí. Láti etí òsì sí etí òsì ni. Ẹnu teépù náà ti tẹ̀ lóòótọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti 100. Mo wá lọ ṣí fótò wò nísinsìnyí: nínú ọ̀kan, ilà 100 wà ní etí irin kìíní, nínú òmíràn, 2180 ló wà ní etí irin kọkànlá. Ìyẹn ni pé mo ti yọ 100 kúrò kí n tó kọ ọ́, 2080 náà sì ni.

Ẹnjiníà Òpómúléró

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Fótò gbà ọ́ lọ́tẹ̀ yìí nítorí pé o ya orí méjèèjì teépù. Ṣùgbọ́n máa kọ ohun tí ojú rẹ rí lára teépù gan-an sílẹ̀, 100 àti 2180, kí o tó kọ ìyọkúrò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá kọ àbájáde nìkan kò fi àyè sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè rí ibi tí ìṣirò ti yà.

Ohun tó kù ni 208 náà. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Àpapọ̀ tí a pín dọ́gba máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ pé gbogbo àlàfo náà jẹ́ 208, tó túmọ̀ sí pé ẹni tó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sórí pákó ló ṣì í wọ̀n. Ó sì lè jẹ́ pé àlàfo mẹ́sàn-án dára, tí ọ̀kan ṣoṣo sì fẹ̀ jù. Ohun tí ọ̀gá rẹ yóò ní kí wọ́n ṣe sí ti àkọ́kọ́ yàtọ̀ sí ohun tí yóò ní kí wọ́n ṣe sí ti èkejì.

Nígbà tí o bá dé ibẹ̀ lọ́la, na teépù lórí irin mọ́kànlá náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o má sì gbé e mọ́. Ka ìlà tó bá etí òsì irin kọ̀ọ̀kan mu láti ìkínní dé ìkọkànlá, kí o sì kọ wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Má ṣe máa gbé teépù láti àlàfo kan sí òmíràn, nítorí pé àṣìṣe mílímítà méjì tàbí mẹ́ta lójú kọ̀ọ̀kan yóò máa kún ara wọn. Nígbà tí o bá jókòó ni kí o ṣe ìyọkúrò.

Tún kọ ibi tó wà. "Apá ọ̀tún" kò sọ nǹkan kan fún mi, nítorí mi ò mọ ibi tí o kọjú sí. Pílánì ní àwọn ìlà tí wọ́n fi lẹ́tà àti nọ́ńbà sàmì sí, àwọn òpó sì wà lórí wọn, lò wọ́n. Sọ ìpele tí irin náà wà, bóyá ti ìsàlẹ̀ ni tàbí ti òkè, sọ ibi tí irin náà kọrí sí, kí o sì sọ èyí tí o pè ní irin kìíní. Kọ nọ́ńbà pílánì náà àti iye ìgbà tí wọ́n ti tún un ṣe, nítorí ó ṣeé ṣe kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lo ti àtijọ́ nígbà tí ìwọ ń lo tuntun.

Oníwáyà

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ iná ni mo ń kọ́. Wọ́n ní kí n fi ẹ̀rọ ìdánwò wọn bí ìbòrí wáyà inú mọ́tò ẹ̀rọ kan tó ń lo iná ṣe ń dènà iná sí. Mo kọ nọ́ńbà tí mo rí àti ọjọ́. Nígbà tí wọ́n tún un wọ̀n ní àbẹ̀wò mìíràn, nọ́ńbà náà ti já wálẹ̀ gan-an, gbogbo ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé mọ́tò ti ń bàjẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni a tó mọ̀ pé ó ti tutù nígbà àkọ́kọ́, àmọ́ wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á ni nígbà kejì, ó ṣì gbóná. Bí ooru bá fi nǹkan bí ìwọ̀n 10 lọ sókè, nọ́ńbà yẹn lè já sí ìdajì láìsí pé nǹkan kan bàjẹ́. Kò sí nínú àkọsílẹ̀ méjèèjì bí mọ́tò náà ṣe gbóná tó. Ǹjẹ́ ẹ̀yin oníkọnkéré náà ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Ẹnjiníà Òpómúléró

A ní in, Oníwáyà, ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú ìwọ̀n àlàfo irin. Ooru kò lè sún irin dẹ́kìnì débi tí teépù yóò fi rí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń da kọnkéré ni ooru àti òjò ṣe pàtàkì sí wa, tàbí bí a bá ń wọn bí ògiri tó là ṣe ń fẹ̀ sí i láti oṣù dé oṣù. Fún àyẹ̀wò irin, gbólóhùn kan lórí bí ojú ọjọ́ ṣe rí ti tó, pàápàá bí omi bá dúró lórí pákó.

Aṣàyẹ̀wò

Ẹ kú àríyànjiyàn. Ọ̀rọ̀ fótò ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí ìkùnà jù lọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Wọ́n á ya fótò púpọ̀ tó mọ́lẹ̀, tó sì rẹwà, kò sì ní sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ti yà á. Irin dẹ́kìnì jọra wọn níbi gbogbo. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí o ya ìso wáyà kan, ìwọ fúnra rẹ kò ní mọ ibi tó wà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ibi kan, fótò mẹ́ta, bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo máa ń dúró jìnnà ya ti àkọ́kọ́, kí òpó méjì tí mo ti dárúkọ lè hàn nínú rẹ̀. Mo á súnmọ́ ya èkejì, kí irin tí mo wọ̀n àti teépù tó nà lórí wọn lè hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Ẹ̀kẹta ni ti ojúkojú, níbi tí èèyàn ti lè ka ìlà teépù. Mo máa ń kọ ọjọ́, ibi náà àti nọ́ńbà àyẹ̀wò sórí pátákó kékeré kan, mo sì máa ń fi í sínú fótò náà, kí ó má bàa jẹ́ pé orúkọ fáìlì nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí o bá ń ya ti ojúkojú, gbé foonu sókè tààrà lórí ìlà tí o fẹ́ kà, kí ó má ṣe dà sí ẹ̀gbẹ́. Teépù kì í lẹ̀ mọ́ irin délẹ̀délẹ̀, ó máa ń ga díẹ̀ ju etí irin lọ, nítorí náà bí o bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, etí irin yóò dà bí ẹni pé ó bá ìlà mìíràn mu. Àní, ó lè fi mílímítà márùn-ún yàtọ̀. Bákan náà, má ṣe fi fótò tí o yà láti ọ̀kánkán ṣe ìdíwọ̀n, nítorí pé àlàfo tó wà nítòsí rẹ yóò máa fẹ̀ lójú ju èyí tó wà lọ́nà jíjìn lọ, kódà bí wọ́n bá dọ́gba.

Ohun kan tún kù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí: má ṣe fi ojú sórí foonu kí o máa rìn sẹ́yìn lórí irin kí gbogbo rẹ̀ lè wọ inú fótò. Dúró, wo ẹ̀yìn rẹ, lẹ́yìn náà kí o tó sún.

Teépù Gígùn

Mo gba ti àlàfo mẹ́wàá, Ẹnjiníà, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n kí ni pátákó wà fún? Foonu ń kọ ọjọ́ àti aago sínú fótò fúnra rẹ̀. Ẹ kàn fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ iṣẹ́ lórí WhatsApp, gbogbo ènìyàn yóò rí ọjọ́ tó wọlé.

Aṣàyẹ̀wò

Ọjọ́ tó wọlé ni wọn yóò rí, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n yà á. Bí ẹ bá fi fótò ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí fótò lásán, yóò fún un pọ̀, yóò sì já àkọsílẹ̀ ọjọ́ àti ibi tó wà nínú fáìlì náà sọnù. Ìlà teépù tí ẹ rí kà lórí foonu yín lè di ìdọ̀tí lójú ẹni tó gbà á. Bí ó bá di dandan kí ẹ gba ibẹ̀, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, àmọ́ ẹ da ojúlówó rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà iṣẹ́ ní ọjọ́ kan náà. Aago foonu pàápàá lè má pé. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọfà tàbí àmì pupa hàn lára fótò, ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe é, kí ojúlówó wà bó ṣe wà. Èmi a máa sọ ẹ̀dà náà lórúkọ báyìí:

```
2024-06-06_BC-34_irin-isale_03.jpg
```

Ọdún ló ṣáájú, oṣù tẹ̀lé e, kí àwọn fáìlì lè tò ara wọn bí ọjọ́ ṣe tẹ̀léra. BC-34 dúró fún ibi tó wà láàárín ìlà B àti C, ìlà 3 àti 4, lórí pílánì. Nínú ìwé àkọsílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń kọ nọ́ńbà fótò tó bá a mu sí. "Mo ya fótò" kò tó.

Nígbà tí a ti wà lórí ọjọ́: àbúrò, "05/06" tí o kọ yẹn, ṣé ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà ni, àbí ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún? Àwọn kan máa ń kọ oṣù ṣáájú. Fi ọ̀rọ̀ kọ orúkọ oṣù.

Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́

Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà ni. Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo máa padà wá lọ́la.

Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́

Mo ti dé láti sáìtì. Ohun tí mo kọ rèé kí n tó fi ibẹ̀ sílẹ̀:

"Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà, 2024, aago 7:40 sí 8:25 àárọ̀. Ojú ọjọ́ mọ́, pákó gbẹ. Dẹ́kìnì àjà kìíní, láàárín ìlà B àti C, ìlà 3 àti 4. Pílánì S-104, àtúnṣe kejì. Irin ìsàlẹ̀ onímílímítà 12, tó nà láti B sí C. Mo bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n láti ẹ̀bá ìlà 3 lọ síhà ìlà 4. Irin tó súnmọ́ ìlà 3 jù ni irin kìíní. Etí irin tó kọjú sí ìlà 3 ni mo kà. Teépù bẹ̀rẹ̀ láti 100. Ohun tí mo kà ní mílímítà: 100, 300, 505, 700, 900, 1110, 1310, 1515, 1775, 1980, 2180. Fótò 01 sí 03. Wọ́n sún irin kẹsàn-án nítorí páìpù wáyà iná tó wà láàárín irin kẹjọ àti ìkẹsàn-án. Fótò 04."

Nígbà tí mo ṣe ìyọkúrò rẹ̀ nínú ọkọ̀, àlàfo mẹ́wàá náà jẹ́ 200, 205, 195, 200, 210, 200, 205, 260, 205 àti 200. Àǹtí Òpómúléró, ọ̀kan ṣoṣo ló fẹ̀ lóòótọ́.

Ẹnjiníà Òpómúléró

Àkọsílẹ̀ gidi nìyí. Bí a bá mú 260 yẹn kúrò, àpapọ̀ àlàfo mẹ́sàn-án tó kù jẹ́ 1820, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ nǹkan bíi 202. Nítorí náà, ẹni tó sàmì kò ṣì í wọ̀n rárá. 208 tí à ń pariwo lé lórí kò sí níbi kankan lórí dẹ́kìnì yẹn. Ìṣirò wa ló dá a sílẹ̀. Ojú kan ló ní ìṣòro, ìwé rẹ sì lè mú ẹnikẹ́ni dé ibẹ̀ gan-an.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o tún yẹ̀ wò: "wọ́n sún irin kẹsàn-án nítorí páìpù". Ṣé o wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sún un?

Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́

Rárá o, Àǹtí. Olórí àwọn tó ń di irin ló sọ ọ́ fún mi. Mo rí páìpù náà fúnra mi.

Ẹnjiníà Òpómúléró

Nígbà náà, ohun méjì ni, kí o sì kọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí o rí ni pé páìpù kan jáde láàárín irin kẹjọ àti irin kẹsàn-án. Ohun tí o gbọ́ ni pé olórí àwọn tó ń di irin ní páìpù ló mú kí àwọn sún un. Bí ó bá wá di ọ̀ràn lẹ́yìn ọ̀la, tí àwọn oníná ní irin ti wà bẹ́ẹ̀ kí àwọn tó dé, ìwé rẹ kò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹta ni ohun tí o rò, bí èyí tí o kọ tẹ́lẹ̀ pé "irin dára". Má kọ ọ́ síbẹ̀. Bóyá 260 dára tàbí kò dára, ẹnjiníà tó ṣe ìṣirò dẹ́kìnì náà ni yóò sọ ọ́. Bí àlàfo náà bá jẹ́ 200, irin tó wà nínú mítà kan jẹ́ mílímítà onígun mẹ́rin 565; bí 260 bá wà délẹ̀, nǹkan bíi 435 ni. Ojú kan ṣoṣo kò dà bí gbogbo rẹ̀, ibi tó bọ́ sí sì tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Má ṣe sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n tún un ṣe. Pe ọ̀gá rẹ kí ilẹ̀ òní tó ṣú.

Aṣàyẹ̀wò

Má ṣe pa gbólóhùn yẹn rẹ́ o. Fa ìlà kan ṣoṣo la àárín rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà ṣì ṣeé kà, kọ tuntun sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí o sì fi orúkọ rẹ ní gékúrú àti ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tó mú mi máa sọ pé ìwé olójú líle tí a ti kọ nọ́ńbà sí ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àti bírò, ni kí ènìyàn lò nìyẹn. Bí ènìyàn bá ya ojú ìwé kan kúrò, nọ́ńbà yóò tú u fó.

Teépù Gígùn

Lórí èyí, mi ò ní gbà. Bírò kì í kọ lórí ìwé tí omi ti kàn, ìwé sì lè bọ́ sínú omi. Orí foonu ni mo máa ń kọ tèmi sí, ó sì máa ń lọ sórí kọ̀ǹpútà iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìgbà wo ni ìwé kan ṣoṣo tó wà nínú àpò ẹnì kan wá dájú ju ìyẹn lọ?

Aṣàyẹ̀wò

Nígbà tí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ tún un kọ lẹ́yìn tí wọ́n da kọnkéré tán ni. Lẹ́ẹ̀dì wà fún ìwé tó tutù.

Ẹnjiníà Òpómúléró

Mo ti rí iṣẹ́ tó dára láti ọ̀nà méjèèjì. Bí foonu bá ń pa gbogbo ẹ̀dà tó ti kọjá mọ́ pẹ̀lú aago rẹ̀, n kò ní bá a jà. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, mo wà lẹ́yìn ìwé.

Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́

Ọ̀gá mi ti ka tuntun náà, ó pe ẹnjiníà tó ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí foonu lójú mi, wọ́n sì ní kí wọ́n ki irin kan kún àlàfo yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù. Wọ́n ti ṣe é nírọ̀lẹ́ yìí. Ṣé kí n wá yí 260 padà nínú ìwé mi?

Ẹnjiníà Òpómúléró

Rárá, má fọwọ́ kàn án. 260 ni ó jẹ́ ní aago 8:25. Ṣí àyẹ̀wò tuntun pẹ̀lú ọjọ́ àti aago tirẹ̀, kọ ẹni tó pàṣẹ náà àti ìgbà tó pa á, na teépù lẹ́ẹ̀kan sí i láti irin kìíní kan náà, kí o sì ka irin méjìlá báyìí. Dúró síbi tí o dúró sí ya fótò 01 kí méjèèjì lè ṣeé fi wéra. Tọ́ka sí nọ́ńbà àyẹ̀wò ti àárọ̀ nínú rẹ̀. Tún wo bísíkíìtì tó wà lábẹ́ irin tuntun náà dáadáa, nítorí pé irin tí wọ́n bá ki bọ̀ ọ́ lẹ́yìn sábà máa ń dùbúlẹ̀ lórí pákó. "Bísíkíìtì wà" tí o kọ lọ́jọ́ kìíní kò sọ bí irin ṣe ga sí pákó tó; fi rúlà wọ̀n ọ́n ní ojú mẹ́ta, kí o sì kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Oníwáyà

Ìbéèrè kan ṣì kù lọ́kàn mi. Bí ìkọ́ṣẹ́ bá parí, ṣé ènìyàn lè mú ẹ̀dà àwọn fótò yìí lọ kí ó lè fi wọ́n hàn nínú ìjábọ̀ rẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́?

Aṣàyẹ̀wò

Láìgba àṣẹ, rárá. Ilé oníbàárà ni, ojú àwọn òṣìṣẹ́ sì lè wà nínú rẹ̀. Níbi tí mo wà, wọn kì í fún ènìyàn rárá.

Teépù Gígùn

Níbi tèmi, wọ́n fún mi, wọ́n kàn ní kí n yọ orúkọ iṣẹ́ náà kúrò ni. Béèrè ní kùtùkùtù, kí o sì gba ìdáhùn náà ní kíkọ.